Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń falẹ̀ lálẹ́: bí a ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé ni àrùn náà wà

Ní Ìkpínlẹ̀, bí oòrùn bá ti wọ̀, tí àwọn tí ó ti oko ọ̀pẹ dé bá ti wẹ̀, tí wọ́n sì ti jẹun tán, ọ̀pọ̀ ojú ni í máa ń yí sí iná kékeré tẹlifóònù. Ẹlòmíràn fẹ́ wo ìròyìn, ẹlòmíràn fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Kútọnu sọ̀rọ̀ kí ó sì rí ojú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ gba iṣẹ́ tí olùkọ́ fi ránṣẹ́. Wákàtí yẹn gan-an ni àmì róbótó a bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹ̀rọ. Àwòrán a dúró gbọnin, ohùn a máa gé, lẹ́tà tí ó yẹ kí ó lọ ní ìṣẹ́jú kan a máa wá ààyè títí di àárín òru.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bàbá a ní àwọn ọmọ ni ó ń jẹ íńtánẹ́ẹ̀tì tán. Àwọn ọmọ a ní àpótí wifí ni ó ti gbó. Ìyá ilé a ránni lọ ra fọ́ọ̀fẹ̀ tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ohun gbogbo a tún máa lọ geere bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, tí ó bá sì tún di alẹ́, ìṣòro náà a padà dé. Owó ti lọ, ìjà ti wáyé, àìsàn kò sì kúrò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ wádìí ibi tí àìsàn náà wà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí nínú ilé rárá. Ọ̀nà tí gbogbo àdúgbò jọ ń gbà ni ó kún. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ kàn rò lásán: ó ní àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n, àmì wọ̀nyí sì wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, bírò kan, àti sùúrù ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Omi ẹ̀rọ àti íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí ó bá ti tò síbi omi ẹ̀rọ àdúgbò ní òwúrọ̀ kùtù mọ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó sọ ọ́. Ojú irin tí ó wà ní agbo ilé kan lè dára, kí ó má jò, kí ó má dípata. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣí omi ní ọ̀sán, omi a dà ṣàràrà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo agbo ilé bá ṣí tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, omi a máa kán tótó. Ojú irin kò bàjẹ́. Irin ńlá tí ó ti inú àgbá wá sí àdúgbò kò fẹ̀ tó iye ènìyàn tí ń fà á ní wákàtí yẹn ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àti àwọn abúlé rẹ̀, láti Másẹ̀ dé Ìkpínlẹ̀, orí tẹlifóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ènìyàn ti ń rí i, láti ara òpó antẹ́nà MTN, Moov tàbí Celtiis. Kódà àpótí wifí tí ẹlòmíràn gbé sórí tábìlì, káàdì símù ni ó wà nínú rẹ̀, òpó kan náà ni òun pẹ̀lú ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí okùn tí ó jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo láti ilé dé ilé-iṣẹ́ tí ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn jọ ń pín.

Orí òpó kan, àwọn antẹ́nà máa ń kọjú sí ìhà mẹ́ta, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ní ààyè tirẹ̀. Antẹ́nà 4G tí ó ní ìgbì tí ó fẹ̀ dáadáa lè gbé nǹkan bí 150 Mbps lórí ìwé. Mbps yìí ni ìwọ̀n ìyára tí a ń rí lójú ẹ̀rọ: ó ń sọ iye ohun tí ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ayé gidi, ohun tí antẹ́nà náà ń rí gbé kéré sí iye yẹn gan-an. Ká sọ pé ó jẹ́ 45. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá ń wo fídíò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò 1,5, gbogbo wọn a rí tiwọn gbà, kò ní ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá di àádọ́rùn-ún, ìdajì kan péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, fídíò gbogbo wọn yóò sì máa dúró. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀. Ọ̀nà náà ni ó kún.

Ohun kan tún wà tí ó ń mú kí ó burú sí i ní ìgbèríko. Tẹlifóònù tí ó sún mọ́ òpó máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá, a sì fún ẹlòmíràn láyè. Tẹlifóònù tí ó wà ní abúlé jíjìn, lẹ́yìn oko ọ̀pẹ, kò gbọ́ dáadáa. Antẹ́nà ní láti rọra bá a sọ̀rọ̀, kí ó sì lo àkókò púpọ̀ fún ìwọ̀nba ohun kan náà. Àkókò tí ó lò fún ẹni jíjìn náà, gbogbo àwọn yòókù ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ilé tí ó wà lábẹ́ òpó gan-an fi lè máa jìyà lálẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi àmì ìgbì rẹ̀ pé pérépéré lójú ẹ̀rọ.

Igi àmì yẹn ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ohun tí ó ń sọ ni bí ohùn antẹ́nà ṣe ń dún tó ní ibi tí ẹni náà dúró sí. Kò sọ iye ènìyàn tí ń bá antẹ́nà náà sọ̀rọ̀. Ènìyàn lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣòwò kan ní ọjà, kí ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, síbẹ̀ kí ó má lè rà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé àwọn oníbàárà ti yí i ká. Igi àmì tí ó pé, pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò rìn, jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé èrò ni ó pọ̀ lójú ọ̀nà.

Wákàtí nìkan kò tó ẹ̀rí

Àwọn kan máa ń parí ọ̀rọ̀ kíá: bí ó bá ti jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni ó jẹ̀bi. Ìdájọ́ yìí ti yá jù. Alẹ́ ni inú ilé pẹ̀lú máa ń kún. Àwọn ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, àlejò ti gba ọ̀rọ̀ ìwọlé wifí, tẹlifóònù tí a ki sí iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Alẹ́ náà sì ni agbára iná mànàmáná máa ń rẹlẹ̀ ní àwọn ibòmíràn, tí àpótí wifí a máa kú, a máa jí.

Nítorí náà, wákàtí kan náà ni ohun méjì lè ṣẹlẹ̀ sí: ilé lè kún, àdúgbò lè kún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó ń yà wọ́n. Èkíní, kí ilé dákẹ́, kí íńtánẹ́ẹ̀tì sì máa falẹ̀ síbẹ̀. Èkejì, kí ọ̀nà láti inú yàrá dé àpótí wifí já geere, kí ọ̀nà láti àpótí lọ síta sì nira. Ẹ̀kẹta, kí aládùúgbò tí ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà máa jìyà kan náà ní wákàtí kan náà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, tí wọ́n sì tún ara wọn ṣe ní ọjọ́ bíi mélòó kan, iyèméjì kò sí mọ́.

Àpẹẹrẹ ìyá oní-fọ́tókópì

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan, kí á lè rí bí a ṣe ń ṣe é. Ká sọ pé ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì ní Ìkpínlẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti àpótí wifí oní-káàdì símù. Àwọn ènìyàn máa ń wá bá a kí ó bá wọn béèrè ìwé lórí service-public.bj, àwọn tí wọ́n ti yege nínú ìdánwò bàkáloréà sì ń wá kí ó bá wọn yan ẹ̀kọ́ yunifásítì lórí apresmonbac.bj kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ wọn ń dé, láàárín aago 7 sí aago 10 alẹ́. Wákàtí yẹn náà ni ojú ìwé kì í ṣí mọ́. Oníbàárà tí ó bá rìn wá láti Másẹ̀ a sì padà lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí á ra àpótí tuntun.” Ṣùgbọ́n kí ó tó ná owó náà, ó fa ìlà sí ìwé àkọsílẹ̀, ó sì pinnu láti wọn íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójoojúmọ́: ní aago 5 ìdájí, ní aago 2 ọ̀sán, àti ní aago 9 alẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó mú kí ilé dákẹ́. Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé wifí padà, kò sì fi tuntun han ẹnikẹ́ni. Báyìí, tẹlifóònù gbogbo ti já, kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ni ó kù lórí àpótí. Ó pa gbogbo ojú ìwé tí ó ṣí, ó sì fi okùn so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí, kí ògiri tàbí wifí aládùúgbò má baà dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àpótí tí kò ní ojú okùn, kí a gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn náà ni ó wọn ọ̀nà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà Windows ní ohun èlò kan tí ń rán ẹyọ ọ̀rọ̀ kékeré lọ síbì kan, tí ó sì ń ka àkókò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ìyá náà tẹ cmd síbi ìwákiri, fèrèsé dúdú sì ṣí. Ó kọ ìlà méjì yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

```
ping -n 20 192.168.8.1
ping -n 20 8.8.8.8
```

Ìlà kìíní ń bá àpótí wifí fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà àpótí kọ̀ọ̀kan máa ń wà lára ìwé pélébé tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ 192.168.8.1, ó lè jẹ́ 192.168.1.1. Ìlà kejì ń lọ sí ẹ̀rọ Google tí ó wà lóde, tí ó sì máa ń dáhùn tọ̀sán-tòru. Ogún ìgbà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Nígbà tí ó bá parí, kọ̀ǹpútà tí ń sọ èdè Faransé a kọ ọ̀rọ̀ náà “Moyenne” àti nọ́ńbà kan pẹ̀lú “ms” lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ms ni ó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Lókè rẹ̀, “perdus” ń sọ iye ẹyọ tí ó sọnù sọ́nà.

Nígbẹ̀yìn, ó ṣí fast.com, ó sì kọ ìwọ̀n ìyára tí ó rí sílẹ̀. Ó mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí ń jẹ owó: bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń sáré ní 20 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti tó láti jẹ mẹ́gà 25 nínú fọ́ọ̀fẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ó ṣe é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká wá sọ pé ohun tí ìwé rẹ̀ fi hàn ní ọjọ́ kìíní nìyí. Ní aago 5 ìdájí, àpótí dáhùn ní 3 ms, òde dáhùn ní 60 ms, ìyára jẹ́ 18 Mbps. Ní aago 2 ọ̀sán, àpótí 3, òde 75, ìyára 14. Ní aago 9 alẹ́, àpótí 4, òde 420, ẹyọ méjì nínú ogún sọnù, ìyára sì wó lulẹ̀ sí 1,1 Mbps. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta rí bákan náà. Ní ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nílé, ìfàsẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán.

Ẹ wo bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti 3 sí 4, kò sí ìyàtọ̀: àpótí tí ó ń dáhùn ní ìdájí ni ó ń dáhùn ní alẹ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Láti 60 sí 420, ọ̀nà òde ti gùn ní ìlọ́po méje, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó sún Ìkpínlẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Àwọn ẹyọ ọ̀rọ̀ náà ń dúró lórí ìlà ni, bí àwọn korobá ṣe ń tò níbi omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ìlà bá gùn jù, a sì ju àwọn kan nù. Bí ìyá náà bá ra àpótí tuntun, 4 lè di 3. 420 yóò wà bí ó ṣe wà.

Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà àpótí ni ó fò láti 3 sí 200 lálẹ́, ìdájọ́ ìbá yí padà pátápátá. Nígbà náà, inú ilé ni kí a wá a sí: wifí tí ó jìnnà jù, àpótí tí ó gbóná jù, tàbí iná tí kò tó.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò nínú gbogbo èyí. Bí ìyá náà kò bá ti kọ́kọ́ mú ilé dákẹ́, àyẹ̀wò rẹ̀ ìbá ti tàn án jẹ. Bí tẹlifóònù kan nínú yàrá bá ń fi fídíò ńlá ránṣẹ́ síta, àpótí a ṣì máa dáhùn ní 4 ms, ṣùgbọ́n ọ̀nà òde a kún láti inú ilé fúnra rẹ̀, 420 a sì hàn. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́jẹ́ ilé fi ṣáájú.

Ẹ̀rí kẹta ni ó kù. Ìyá náà bẹ aládùúgbò rẹ̀, bàbá aránṣọ, tí òun pẹ̀lú ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà, pé kí ó ṣí fast.com lórí tẹlifóònù tirẹ̀ ní aago 9 alẹ́. Ó rí 1,3. Lẹ́yìn náà ni ó ya tẹlifóònù ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tí káàdì símù rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní ibi kan náà, ní wákàtí kan náà, ìyẹn rí 9. Ìbéèrè ti parí. Ìlú kò dá iná mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lójú, ṣọ́ọ̀bù kò ní àrùn kankan. Ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ni ó kún ní àdúgbò kan láàárín wákàtí mẹ́ta.

Àwọn ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun

Àìsàn mẹ́ta ni ó máa ń wọ aṣọ èyí. Àkọ́kọ́ ni ti fọ́ọ̀fẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ máa ń dín ìyára rẹ̀ kù nígbà tí ènìyàn bá ti lo ìwọ̀n kan tán. Ìyẹn kì í dúró de alẹ́. Ó ń falẹ̀ ní aago 5 ìdájí bí ó ṣe ń falẹ̀ ní aago 9 alẹ́, títí di ọjọ́ tí a bá sọ fọ́ọ̀fẹ̀ náà di ọ̀tun. Nọ́ńbà ìdájí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni ó ń tú u fó.

Èkejì ni ti iná. Bí iná bá kú tí agbára òpó sì tán, igi àmì a dínkù tàbí kí ó parẹ́. Níbi tí èrò ti pọ̀, igi àmì kì í yẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti okùn abẹ́ òkun. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn ńlá bíi mélòó kan bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun lẹ́bàá Àbíjáàn, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, sì rí ìṣòro. Ìyẹn dé lójijì, ó wà ní ọ̀sán àti ní òru, ó sì kan Kútọnu bí ó ṣe kan abúlé. Ìfàsẹ́yìn alẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń bọ̀, ó ń lọ, bí ìgbì òkun, wákàtí rẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Kì í ṣe ìgbèríko Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 2013 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Comcast ṣàkíyèsí pé fíìmù Netflix ń dúró lálẹ́. Ọ̀pọ̀ fura sí àpótí wọn. Àwọn olùwádìí tí à ń pè ní M-Lab wá kó àyẹ̀wò ìyára jọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìyára dára ní òwúrọ̀, ó sì ń wó lulẹ̀ ní alẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà náà bá gba ibi ìpàdé kan pàtó nìkan: ibi tí ilé-iṣẹ́ tí ń tà fún ìdílé ti ń so pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ẹrù láti ọ̀nà jíjìn. Oníbàárà kan náà, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gba ọ̀nà mìíràn, kì í rí ìṣòro ní wákàtí kan náà. Ẹnu ibodè kan ni ó kún.

Ní oṣù kejì ọdún 2014, Netflix àti Comcast ṣe àdéhùn láti so ẹ̀rọ wọn pọ̀ ní tààrà. Ìwọ̀n ìyára tí Netflix fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ jáde fún Comcast lọ láti 1,51 Mbps ní oṣù kìíní sí 2,50 ní oṣù kẹta. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn oníbàárà kò pààrọ̀ àpótí, wọn kò yí ibi tí wọ́n gbé e sí padà. Ìbodè ni a fẹ̀, ilé sì rí ìwòsàn.

Ìtàn yìí kọ́ wa ní ohun kan sí i: ibi tí ó kún kì í ṣe òpó nìkan nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ pé orí ojú ìwé kan ṣoṣo ni ìfàsẹ́yìn alẹ́ wà, tí gbogbo ìyókù sì ń lọ geere, ọ̀nà ibi kan pàtó ni kí a fura sí. Bí ó bá kan gbogbo nǹkan, tí ó sì kan aládùúgbò, nígbà náà ni òpó àti ọ̀nà tí ó so òpó mọ́ ìlú ńlá wọ inú ìfura.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń ṣọ́ ìpolówó ọjà ti gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ tí ó bá polówó ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì ilé gbọ́dọ̀ sọ ìyára tí ó kéré tán ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rí láàárín aago 8 sí aago 10 alẹ́. Wọn kò gba ìyára ìdájí mọ́. Wákàtí tí èrò pọ̀ ni òṣùwọ̀n.

Kí ni ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n yóò ṣe?

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni ó ṣáájú: kí ó má ra fọ́ọ̀fẹ̀ ńlá láti fi wo àrùn yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà, “mẹ́gà”, ni a fi ń pe ohun méjì tí kò jọ ara wọn. Mẹ́gà inú fọ́ọ̀fẹ̀ ni iye omi tí a ní ẹ̀tọ́ láti fà. Mẹ́gà ìyára ni bí irin omi ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tí ó ra korobá ogún dípò mẹ́wàá kò tíì mú kí omi yára dà.

Ìyá oní-fọ́tókópì náà ní ọ̀nà mélòó kan níwájú rẹ̀. Ó lè ra káàdì símù ilé-iṣẹ́ kejì, èyí tí ó ti rí 9 lára rẹ̀, kí ó sì máa fi í sínú àpótí fún iṣẹ́ alẹ́. Owó kékeré ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àpótí tuntun. Kí ó rántí ṣá pé bí gbogbo àdúgbò bá ṣí lọ síbẹ̀, ọ̀nà yẹn náà lè kún. Nítorí náà, kí ó máa wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè gba ìwé àwọn oníbàárà ní alẹ́, kí ó kọ ohun gbogbo sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ ní aago 5 ìdájí nígbà tí ọ̀nà ṣófo. Fún àwọn tí ń wo fídíò, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yan 360p dípò kí ẹ̀rọ yàn fún wọn. Àwòrán a dínkù ní dídán, ṣùgbọ́n kò ní máa dúró.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó lè wo àrùn náà sàn tán, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́: kí wọ́n fi ìgbì kún antẹ́nà, kí wọ́n fẹ ọ̀nà tí ó so òpó mọ́ ìlú, tàbí kí wọ́n gbé òpó mìíràn dìde. Ibí ni ìwé àkọsílẹ̀ ti di ohun ìjà. Oníbàárà tí ó bá lọ sọ pé “íńtánẹ́ẹ̀tì yín kò dára” yóò gbọ́ pé kí ó pa àpótí kí ó sì tún un tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìwé wá, tí ó ní ọjọ́, wákàtí, orúkọ àdúgbò, nọ́ńbà àpótí àti nọ́ńbà òde, pẹ̀lú ti aládùúgbò méjì, ti dáhùn ìbéèrè wọn kí wọ́n tó béèrè. Kí ó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn, kí ó sì pa á mọ́. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ARCEP Bénin ni àjọ tí ìjọba fi ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ìwé kan náà ni a ó sì gbé lọ síwájú rẹ̀.

Ní ti ọmọṣẹ́ tí ó fẹ́ kí a ra àpótí tuntun, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni láti máa kọ nọ́ńbà aago 5 ìdájí àti ti aago 9 alẹ́ sínú ìwé náà. Ní ọjọ́ tí nọ́ńbà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ pé irin omi ti fẹ̀.